Sláìdì 14 sí 15: ibi tí v yẹn ti wá

O kú àṣẹ̀yìndè màmá àgbà o, ẹ̀yìn wọn á dáa, Ọlọ́run á tu dádì nínú. Mo ti rí fọ́tò tó o fi ránṣẹ́ lánàá, èyí tó o fi báírò pupa yí ìlà kan ká, fóònù mi ló kú torí wọ́n mú iná lọ ládùúgbò wa ní Under G láti ìrọ̀lẹ́, ìyẹn ni mi ò fi tètè fèsì. Ibi tó o yí ká yẹn, má rò pé ìwọ nìkan ni kò yé o, àwa tá a wà ní kíláàsì gan-an, ibẹ̀ la ti dákẹ́ tá a ń wo ara wa lójú.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ìlà mẹ́ta ló fò láàárín sláìdì 14 àti 15, níbi tí wọ́n ti ń wá eré tí nǹkan nílò láti já gbà lọ́wọ́ òòfà ilẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá wa ń kọ́ wa, wọ́n kọ ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sójú bọ́ọ̀dù, wọ́n sì fẹnu ṣàlàyé ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ò sí níbẹ̀ tó kàn ṣí PDF náà lórí fóònù, nǹkan tó máa rí ò ju èyí lọ:

```
m dv/dt = -G M m / r^2      (sláìdì 14)
v dv = -(G M / r^2) dr      (sláìdì 15)
```

Àbí o ò rí i, m ti sá lọ, t ti sá lọ, v kan tí ò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ sì ti jókòó síwájú dv. Ìbéèrè ẹ nìyẹn, ìbéèrè gidi ni.

Jẹ́ n kọ́kọ́ rán ẹ létí nǹkan tá à ń wá. Wọ́n ju nǹkan sókè láti orí ilẹ̀ pẹ̀lú eré v0, kò sí ẹ́ńjìnnì tó ń tì í, wọ́n ní ká wá v0 tó kéré jù tí nǹkan náà ò fi ní padà wá sílẹ̀ mọ́ láéláé. m ni ìwọ̀n nǹkan tí wọ́n jù, M ni ìwọ̀n ilé ayé, G ni kọ́ńsítáńtì òòfà. r yẹn, láti àárín gbùngbùn ilé ayé la ti ń kà á o, kì í ṣe láti orí ilẹ̀, torí náà nígbà tí nǹkan náà ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ jù ú, r ti tó R, ìyẹn rédíọ́sì ilé ayé. Máínọ́sì tó wà níwájú G, òòfà ilẹ̀ ló fà á: sókè la ń ka r lọ, ìsàlẹ̀ ni òòfà ń fà á sí. m ò le rárá, ó wà lápá òsì, ó wà lápá ọ̀tún, a fi pín apá méjèèjì, ó lọ. Ìdí nìyẹn tí òkúta àti rọ́kẹ́ẹ̀tì fi máa nílò eré kan náà láti já gbà tá a bá yọ ti afẹ́fẹ́ kúrò.

Ó wá ku èyí:

```
dv/dt = -G M / r^2
```

Wò ó dáadáa. Apá òsì ń sọ bí eré ṣe ń yí padà bí àkókò ṣe ń lọ, t ló ń sọ. Apá ọ̀tún ò sọ nǹkan kan nípa t, r ló ń sọ, bí nǹkan náà ṣe jìnnà tó. Èmi, ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe nínú ìwé mi ni pé mo gbé dt kọjá, mo íńtígírétì, mo kọ v = -GMt/r^2 + v0, ọ̀pọ̀ nínú wa ló ṣe báyẹn. Ọ̀gá wá rìn dé ẹ̀gbẹ́ mi wọ́n wo ìwé náà wọ́n ní, "Ṣé r dúró sójú kan nígbà tí t ń lọ ni?" Ibẹ̀ lojú mi là. r ò dúró, gbogbo ìṣẹ́jú àáyá ni r ń pọ̀ sí i torí nǹkan náà ń lọ sókè, òòfà sì ń dín kù bó ṣe ń jìnnà, torí náà o ò lè ṣe r bíi kọ́ńsítáńtì kó o sì máa fi t íńtígírétì. A gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà tí apá òsì náà á fi máa sọ̀rọ̀ r, kí apá méjèèjì lè máa sọ èdè kan.

Ó yá, gbàgbé ọ̀run, jẹ́ ká gun ọ̀kadà. Sọ pé o gbé ọ̀kadà láti Tákíè ń bọ̀ ní Under G, ọlọ́kadà ń fún un ní iná, nígbà tẹ́ ẹ dé iwájú ṣọ́ọ̀bù kan, eré yín jẹ́ mítà 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹnì kan dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kò ní aago lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó ti fi ẹfun sàmì sílẹ̀ ní mítà kọ̀ọ̀kan, ó wá rí i pé ní gbogbo mítà kan tẹ́ ẹ bá lọ, eré yín ń fi 0.1 lé sí i. Ìyẹn ni dv/dr, bí eré ṣe ń pọ̀ sí i ní mítà kan. Ìwọ tó o wà lórí ọ̀kadà, aago lo ní, o fẹ́ mọ bí eré ṣe ń pọ̀ sí i ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Báwo lo ṣe máa yí ti ẹni ẹ̀gbẹ́ títì padà sí tìẹ? O kàn máa bi ara ẹ pé mítà mélòó ni mo ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan? Mítà 10 ni. Mítà kọ̀ọ̀kan fi 0.1 kún un, mítà 10 á fi 10 × 0.1 kún un, ìyẹn 1, torí náà àsẹ́lẹ́réṣọ̀n yín níbẹ̀ jẹ́ 1 m/s². Mo mọ̀ pé eré yín ò ní dúró sí 10 títí ìṣẹ́jú àáyá yẹn á fi pé, torí náà ronú nípa àkókò bíńtín tẹ́ ẹ wà níwájú ṣọ́ọ̀bù yẹn nìkan, ìṣirò náà á pé.

Iye mítà tó ò ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan yẹn, kí là ń pè é? Eré ni! v fúnra ẹ̀ ni. Ibẹ̀ ni v ti wá. Kì í ṣe pé wọ́n já a bọ́ láti òfurufú, òun ló ń yí "ní mítà kan" padà sí "ní ìṣẹ́jú àáyá kan". Ìlà mẹ́ta tó fò nìyí:

```
dv/dt = (dv/dr)(dr/dt)
dr/dt = v
dv/dt = v (dv/dr)
```

Ìlà àkọ́kọ́, ṣéènì rúùlù tá a ṣe nínú máàtì ni, v sinmi lé r, r sinmi lé t. Ìlà kejì ò nílò àlàyé, bí r ṣe ń yí padà pẹ̀lú àkókò ló ń jẹ́ eré. Ìlà kẹta, o kàn fi èkejì sínú àkọ́kọ́. Tó o bá wá fi ìyẹn rọ́pò dv/dt tó o gbé dr kọjá sí ọ̀tún, o ti dé sláìdì 15 nìyẹn, t ti kúrò nílẹ̀, v àti dv wà lápá kan, r àti dr wà lápá kejì.

Tí ọkàn ẹ ò bá tíì balẹ̀, dán an wò pẹ̀lú nǹkan tó o ti mọ̀ láti sẹ́kọ́ńdìrì. Sọ pé àsẹ́lẹ́réṣọ̀n, ìyẹn a, jẹ́ kọ́ńsítáńtì, kọ v dv = a dx, íńtígírétì apá òsì láti u dé v, apá ọ̀tún láti 0 dé s:

```
v^2/2 - u^2/2 = a s
v^2 = u^2 + 2 a s
```

Ṣó o rí i? Fọ́múlà tá a há sórí nítorí WAEC, tí ẹnikẹ́ni ò sọ ìdí tí t ò fi sí nínú ẹ̀, ibí yìí ló ti wá. Nígbà tí mo rí èyí inú mi dùn gan-an, mi ò lè parọ́ fún ẹ.

Ó ku sláìdì 16, ìdáhùn nìkan ni wọ́n kọ síbẹ̀, máínọ́sì tó wà níbẹ̀ sì lè dà ọ́ lọ́kàn rú, torí náà ká jọ ṣe é. Límíìtì: ìsàlẹ̀ bá ìsàlẹ̀ lọ, òkè bá òkè lọ. Nígbà tí r jẹ́ R, v jẹ́ v0, ìyẹn ìsàlẹ̀. Òkè ńkọ́? Eré tó kéré jù la sọ pé à ń wá, ìyẹn ni pé kí nǹkan náà máa lọ títí láìlópin kí eré ẹ̀ sì máa tán lọ díẹ̀díẹ̀, kó má ṣẹ́ kù rárá níbẹ̀, torí náà r lọ sí àìlópin, v lọ sí 0. Ọ̀pọ̀ ló fi v0 sókè tí wọ́n fi 0 sísàlẹ̀, gbogbo ẹ̀ á wá dojú dé.

```
0 - v0^2/2 = -G M [ -1/r ]  láti R dé ∞
           = -G M (0 + 1/R)
           = -G M / R
v0 = sqrt(2 G M / R)
```

Máínọ́sì ọ̀tún, ọ̀kan wà níwájú GM láti ìbẹ̀rẹ̀, òmíràn jáde nígbà tá a íńtígírétì 1/r^2, ìkẹta wá látinú yíyọ límíìtì ìsàlẹ̀. Kọ wọ́n síta ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, má ṣe é lórí. Máínọ́sì kan ló ṣẹ́ kù lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, wọ́n pa ara wọn. 2 tó wà nínú ìdáhùn, látinú v^2/2 ló ti wá.

Fi nọ́ńbà sí i: G = 6.674 × 10⁻¹¹, M = 5.97 × 10²⁴ kg, R = 6.371 × 10⁶ m. Kàkúlétọ̀ máa fún ẹ ní nǹkan bíi 11,180 m/s, ìyẹn 11.2 km/s tí gbogbo ìwé ń kọ. Tó o bá rí nǹkan mìíràn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kìlómítà lo fi R sí, mítà ni kó wà.

Wò ó, mo rò pé tẹ́ẹ̀sì ò ní béèrè èyí ní ṣákálá. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ní nǹkan náà dé gíga h péré kó tó padà. Kò sí nǹkan tó yí padà àfi límíìtì òkè, r á jẹ́ R + h dípò àìlópin, v ṣì jẹ́ 0 torí eré ẹ̀ tán lókè téńté kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀:

```
v0^2 = 2 G M ( 1/R - 1/(R+h) )
```

Ṣe èyí fúnra ẹ lálẹ́ òní pẹ̀lú h = R, láìwo sláìdì, bẹ̀rẹ̀ láti m dv/dt kó o kọ ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó fò síta. Ó yẹ kó já sí nǹkan bíi 7.9 km/s. Lẹ́yìn náà jẹ́ kí h kéré gan-an sí R, kó o rántí pé g = GM/R^2, wo nǹkan tó máa jáde, o máa dá a mọ̀.

Ya fọ́tò ìwé náà fi ránṣẹ́ sí mi kódà bí kò bá tíì parí, ibi tó bá ti dúró ni mo fẹ́ rí. Ọ̀la mo wà ní Adéníkẹ́ títí di aago méje ìrọ̀lẹ́, tí fọ́tò ò bá ṣe é, máa bọ̀ ní Under G lẹ́yìn ìgbà yẹn, bọ́ọ̀dù kékeré wà nílé wa. Nóòtì mi tó kù fún ọ̀sẹ̀ yẹn náà wà níbẹ̀, mú ìwé lọ́wọ́ wá.