Rípọ́ọ̀tù owó oṣooṣù: ohun tí mo fi sílẹ̀ fún ẹ

Àbúrò, rípọ́ọ̀tù 4 ló wà ńbẹ̀, aago 6 àárọ̀ ọjọ́ kìíní oṣù ni gbogbo wọn máa ń jáde fúnra wọn:

```
0 6 1 * * /opt/ripoti/osu.sh
```

Má fọwọ́ kan ìlà yẹn o. Wàhálà ibẹ̀ ni pé bí àwọn akáńtì ò bá tíì ti ìwé oṣù tó kọjá, rípọ́ọ̀tù á ṣì jáde, kò ní pariwo, àmọ́ iye inú ẹ̀ á dín, ó ṣe mí bẹ́ẹ̀ lóṣù kẹta, ọ̀gá ti fi ránṣẹ́ kí n tó mọ̀, ojú tì mí gan-an. Torí náà, kọ́kọ́ fi àpapọ̀ inú `gbese.csv` wé ti léjà, tí wọn ò bá dọ́gba, dúró kí wọ́n ti ìwé tán, kó o wá fọwọ́ ara ẹ mú kí `osu.sh` tún ṣiṣẹ́. Páswọ́ọ̀dù dátábéèsì máa kú lọ́jọ́ 14 oṣù yìí, tètè pààrọ̀ ẹ̀. Mo ṣì wà lórí fóònù títí di Furáìdé.