Ìtújáde ẹ̀dà 2.0 áàpù ìra-kajú: ibi tí a dé, ohun tó kù, àti ìpinnu ti ọ̀la

Ọjọ́rú, 21 Ṣẹ́rẹ́ 2026, Kàbà
Sí: àwọn tó ń kọ kóòdù, ọ̀gá ìdánwò, ọ̀gá ìrajà, àti àwọn akọ̀wé ibùdó Kàbà, Ìyàrá, Mọ̀pà, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀

Ẹ̀yin ará wa, ọ̀kun o.

Ohun tí a fẹ́ yanjú kò ju ẹyọ kan lọ: ṣé ká tú ẹ̀dà 2.0 sílẹ̀ lọ́la, Ọjọ́bọ̀, bí a ṣe dá ọjọ́ ọ̀hún? Ìpinnu wà nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ohun tó ṣáájú rẹ̀ kẹ́ ẹ tó bínú.

Àwọn ìpele

1. Kóòdù parí: 19 Ọ̀pẹ 2025. Ó ti kọjá.
2. Ìdánwò láàárín ara wa: 9 Ṣẹ́rẹ́. Ó ti kọjá.
3. Ìdánwò ní ibùdó Mọ̀pà àti Ẹ̀gbẹ̀: 16 Ṣẹ́rẹ́. Ó kọjá, àmọ́ ó hú ọ̀rọ̀ kan jáde.
4. Ìtújáde fún gbogbo ibùdó: 22 Ṣẹ́rẹ́. Òun la ń sọ.

Ọ̀rọ̀ tó jáde ní Ẹ̀gbẹ̀

Ẹ̀dà tuntun fi ààyè kan kún àkọsílẹ̀, kí akọ̀wé lè sọ bóyá kajú gbẹ tàbí ó ṣì tutù. Nítorí ààyè yìí, bí fóònù bá ti ṣí 2.0 lẹ́ẹ̀kan péré, ibi ìpamọ́ rẹ̀ á kúrò ní 3, á di 4. Ọ̀gá ìdánwò gbìyànjú láti dá fóònù kan padà sí 1.9, ohun tó rí nìyí:

```
Can't downgrade database from version 4 to 3
```

Áàpù kọ̀, kò ṣí mọ́. Google Play náà kì í gba ẹ̀dà tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré sí èyí tó wà níta. A lè dá ìtújáde dúró kó má bàa dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ẹni tó ti gbà á ti gbà á. Kí akọ̀wé wà ní oko Bùnú, kí ríra ọjọ́ kan odindi wà lórí fóònù rẹ̀ tí kò tíì dé sáfà, kí áàpù sì kọ̀: ohun tó máa ṣe ni kó nu détà áàpù nù kúrò, owó àgbẹ̀ á sì di àríyànjiyàn. Ohun tó ń dá mi dúró nìyẹn.

Iṣẹ́

- [x] `targetSdk = 35`. Google Play ti ń béèrè pé kí ẹ̀dà tuntun dojú kọ Android 15 láti 31 Ògún 2025.
- [x] Rìsíìtì méjì fún àpò kan. Bí nẹ́tíwọ̀kì bá kú kí èsì sáfà tó dé, fóònù á tún un fi ránṣẹ́, sáfà á sì kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ní báyìí, fóònù ń fún ríra kọ̀ọ̀kan ní `UUID` tirẹ̀, sáfà sì ń da ẹ̀ẹ̀kejì nù.
- [x] Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kékeré tó ń sọ ẹ, ọ àti ṣ di àmì ìbéèrè. A ti ń tẹ rìsíìtì bí àwòrán. (Àgbẹ̀ kan bi wá bóyá a ò dá orúkọ òun lójú ni.)
- [ ] Ẹ̀dà ìpadàbọ̀: ìṣesí 1.9, nọ́ńbà tó ga ju ti 2.0, tó sì lè ka ìpamọ́ 4. Ẹni tó ń kọ ti Android, Sátidé.
- [ ] Ìyípadà láti 3 sí 4 lórí fóònù tó kún fún àkọsílẹ̀ ọdún tó kọjá. Fóònù òfìfo la lò tẹ́lẹ̀, ìyẹn kò jẹ́ ìdánwò. Ọ̀gá ìdánwò, Mọ́ńdè.
- [ ] Kí a mú ẹ̀dà ìpamọ́ sáfà, kí a sì dá a padà sórí sáfà mìíràn ká rí i pé ó ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń bójú tó sáfà, Mọ́ńdè.
- [ ] Àwọ̀ bọ́tìnnì. Ó di 2.1, kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Ìpinnu: kò tíì yá

Ọ̀gá ìrajà kò fara mọ́ ọn. Ó ní ríra á bẹ̀rẹ̀ ní Èrèlé, àwọn akọ̀wé sì ti ń retí ẹ̀dà yìí. Òótọ́ ló sọ, ìdí nìyẹn tí a kò fi sún un jìnnà: Túsìdé, 27 Ṣẹ́rẹ́, aago mẹ́wàá àárọ̀. Bí mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú èyí tó ṣí sílẹ̀ bá ti parí, ó yá. Bí ọ̀kan bá kù, 1.9 la ó lò títí ríra á fi tán lẹ́yìn Èbìbí, ẹnikẹ́ni kò ní tún un bẹ̀.

Tó bá yá, àwọn fóònù Kàbà ni yóò kọ́kọ́ gbà á, lórí ìdánwò tó wà nílẹ̀, torí ibẹ̀ la ti lè gun ọ̀kadà lọ báni. A kò ní fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún bẹ̀rẹ̀ lórí Google Play, torí òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣa àwọn fóònù tó máa kọ́kọ́ gbà á, ó lè jẹ́ Ẹ̀gbẹ̀ ló máa bọ́ sí.

Akọ̀wé tó bá rí rìsíìtì méjì, tàbí áàpù tí kò ṣí, kó pè mí lójú ẹsẹ̀, kó má sì nu ohunkóhun nù. Ìpè kan ṣoṣo tó láti dá ìtújáde dúró.

Ẹni tó bá parí iṣẹ́ rẹ̀, kó fúnra rẹ̀ fi àmì sí i níbí kó tó di alẹ́ Mọ́ńdè.