Bọ̀dá mi, mo ti gé e sí ìlà mẹ́ta

Bọ̀dá mi, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú wàhálà ẹbí. Ẹ ní kí n bá yín gé àtẹ̀jíṣẹ́ ìpàdé kí n tó gbé e sójú òpó Wásáàpù wa. Mo fi èyí tí ẹ kọ síbí, kí ẹ lè fi wé tèmi:

“Ẹ kú àárọ̀ o, gbogbo ẹbí, a kú ọjọ́ mẹ́ta, Ọlọ́run á jẹ́ ká máa rí ara wa ní rere. Ọ̀rọ̀ ìpàdé ọgọ́rin ọdún Màmá ni o, tá a fi sí Sátidé 24, aago méjìlá ọ̀sán ní Bódìjà. Àwọn àna wa ní Abẹ́òkúta pè mí lálẹ́ àná, ọjọ́ yẹn gan-an ni ìgbéyàwó ọmọ wọn. Ẹ sì rántí bí wọ́n ṣe dúró tì wá nígbà ìsìnkú Bàbá, kò dáa ká má lọ. Ni mo bá ní ká sún un sí ọjọ́ kejì. Àmọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wà láàárọ̀, ti àwọn kan kì í sì í tètè parí, ká kúkú fi sí aago mẹ́rin, kó má sì kọjá mẹ́fà torí àwọn tó ń padà sí Èkó. Bódìjà yẹn náà, Màmá wà níbẹ̀, a ò sì fẹ́ kí wọ́n gbọ́, ẹ jẹ́ ká lo ilé mi ní Akóbò. Ẹ̀yin ará Lọ́ńdọ̀nù, aago yín àti tiwa ò yàtọ̀, ti Húsítìnì fi wákàtí mẹ́fà wà lẹ́yìn, Súùmù lẹ máa bá wa lò. Ẹni tó bá máa wọ rélùwéè láti Èkó, kó pè mí kó tó gbéra, mo máa rán mọ́tò sí Mọ́níyà. Ìyá Ìbejì ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta tá a dá kò tíì pé, onígbọ̀ngàn sì ń yọ wá lẹ́nu, kó wọlé kí Fúráìdè 16 tó parí. Kí kálukú mú orúkọ àlejò rẹ̀ wá, kó má ju ogún lọ.”

Èyí tí mo gé nìyí:

*1. Ẹ kú àárọ̀ o, ẹbí wa. Ìpàdé ọgọ́rin ọdún Màmá ti kúrò ní Sátidé 24 ní Bódìjà, ó di Sọ́ńdè 25 Oṣù Kẹwàá, aago 4 sí 6 ìrọ̀lẹ́, ní ilé Bọ̀dá ní Akóbò. Màmá ò gbọ́dọ̀ gbọ́.*

*2. Lórí Súùmù: Lọ́ńdọ̀nù aago 3 ọ̀sán, Húsítìnì aago 10 àárọ̀, ẹni tó bá ń wọ rélùwéè bọ̀ láti Èkó, kó pe Bọ̀dá kó tó gbéra, mọ́tò máa dúró dè é ní Mọ́níyà.*

*3. Kí ₦50,000 ẹnì kọ̀ọ̀kan dé ọwọ́ Ìyá Ìbejì kí Fúráìdè 16 tó parí. Kí kálukú sì mú orúkọ àlejò rẹ̀ wá sípàdé, kó má ju 20 lọ.*

Ẹ má bínú, mo yí nǹkan kan padà. Òru tó máa mọ́ Sọ́ńdè yẹn gan-an ni Lọ́ńdọ̀nù máa dá aago wọn padà sẹ́yìn ní wákàtí kan. Ká ní Sátidé la wà, ohun tí ẹ kọ tọ̀nà. Ní Sọ́ńdè, mẹ́rin tiwa ti di mẹ́ta tiwọn, wọn ì bá sì wọlé nígbà tí ìpàdé ti dé ìdajì. Amẹ́ríkà ní tiwọn di Sọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú Oṣù Kọkànlá, nítorí náà wákàtí mẹ́fà ti Húsítìnì ṣì dúró.

Mo dìídì fi Sátidé 24 sílẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ti kọ ọ́ sára kàlẹ́ńdà, bí wọn ò bá rí i pé a pa á rẹ́, Bódìjà ni wọ́n máa gbà lọ, Màmá á sì jáde wá bi wọ́n pé kí ló dé. Ìkíni náà ò ṣeé gé tán. Ọ̀rọ̀ tí kò ní ìkíni sójú ẹbí dà bí ìwé ìpè kóòtù.

Ọ̀rọ̀ Abẹ́òkúta nìkan ni mo yọ tó ká mi lára. Kò yẹ kí àwọn àgbà gbọ́ ìdí rẹ̀ lórí fóònù ọmọdé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe Bàbá Kékeré lálẹ́ yìí, kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu yín kí n tó fi í síta ní aago méje àárọ̀ ọ̀la.