Ìdàkejì Ọ̀rọ̀ Ìwà: Àtẹ Kíláàsì JSS 2, Ìbàdàn

Ìdàkejì gan-an:
ọ̀làwọ́ – ahun
onírẹ̀lẹ̀ – agbéraga
onígboyà – ojo
aláàánú – òdájú
onísùúrù – oníwàǹwára

Ó yàtọ̀ lásán:
ọ̀làwọ́ – tálákà. Èyí ló ń ṣi àwọn ọmọ lọ́nà jù. Aláta tí kò rí já jẹ ní Bódìjà lè bu ènì rẹpẹtẹ fúnni, kí olówó sì háwọ́.
onígboyà – onítìjú. Onítìjú lè gbèjà ẹlòmíràn.
onísùúrù – ọ̀lẹ.

Ìdánwò: ẹ sọ pé, “Lórí ọ̀rọ̀ kan náà, ahun ni, ọ̀làwọ́ sì ni.” Bí kò bá ṣeé ṣe, ìdàkejì ni.

Ẹ ṣọ́ra fún “kì í ṣe”: ẹni tí kì í ṣe ọ̀làwọ́ lè máà jẹ́ ahun, àárín wà.