Òótọ́ tàbí Irọ́: Ìdánwò Bàyọ́lọ́jì fún Kíláàsì Kejì Sẹ́kọ́ńdìrì Àgbà, Ọ̀fà

Àkókò: ogójì ìṣẹ́jú. Máàkì: 26.

Ẹ̀yin ọmọ mi, gbólóhùn mẹ́tàlá ló wà nísàlẹ̀. Ẹ ka ìtàn kékeré tó ṣáájú wọn dáadáa, kí ẹ tó kọ "Òótọ́" tàbí "Irọ́". Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìlà kan péré sọ ìdí rẹ̀. Ìdáhùn gba máàkì kan, ìdí náà gba máàkì kan. Mi ò fi ọ̀rọ̀ kankan dẹ páńpẹ́ sílẹ̀ fún yín: ohun tí gbólóhùn sọ gan-an ni mo ní lọ́kàn. Ẹni tí èdè rẹ̀ bá ta kókó lè ya àwòrán sí ibi ìdí, màá gbà á.

Ewé inú kọ́bọ́ọ̀dù

A gbé igi òdòdó kan tó wà nínú ìkòkò sínú kọ́bọ́ọ̀dù dúdú fún ọjọ́ méjì, a sì ń bomi rin ín. Nígbà tí a gbé e jáde, a fi bébà dúdú bo ìdajì ewé kan, a wá gbé e sí oòrùn láti àárọ̀ di ọ̀sán. A já ewé náà, a sè é nínú omi gbígbóná, a fi sípíríìtì gbígbóná fọ àwọ̀ ewé kúrò lára rẹ̀, a sì da áyódíìnì sí i.

1. Apá tí bébà kò bò ni yóò di aláwọ̀ búlúù tó dúdú.

2. Ní gbogbo ìgbà tí igi náà wà nínú òkùnkùn, àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kò mí.

3. A fi igi náà sínú òkùnkùn kí ó lè lo sítáàṣì tó ti tọ́jú sínú ewé tán, kí á lè mọ̀ pé inú oòrùn ló ti ṣe èyíkéyìí tí a bá rí.

4. Bí a bá gbé igi àgbàdo tó ti gbẹ sórí òṣùwọ̀n, inú erùpẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìwúwo rẹ̀ ti wá.

Iṣu nínú omi iyọ̀

A gé iṣu tútù sí ọ̀nà méjì tó gùn dọ́gba. A fi ọ̀kan sínú omi lásán, a fi èkejì sínú omi tí a po iyọ̀ púpọ̀ sí. Lẹ́yìn wákàtí kan, ti inú omi lásán le koko, ti inú omi iyọ̀ rọ̀, ó sì ń tẹ̀.

5. Iṣu inú omi iyọ̀ rọ̀ nítorí pé omi jáde láti inú àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀.

6. Bí a bá kọ́kọ́ se iṣu náà títí tó fi jinná kí á tó gé e, àbájáde méjèèjì yóò rí bákan náà gẹ́gẹ́ bí ti iṣu tútù.

Ẹ̀kọ tó ṣomi

Ìyá kan ní Ọjà Ọba, Ìlọrin, fi ṣíbí tí ọmọ rẹ̀ ti lá bu ẹ̀kọ gbígbóná díẹ̀ tó ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ̀kọ inú abọ́ náà ṣomi kí ó tó jẹ ẹ́ tán.

7. Ẹ́ńsáìmù inú itọ́ ló fọ́ sítáàṣì ẹ̀kọ náà sí wẹ́wẹ́.

8. Ká ní a bọ́ itọ́ sórí iná títí ó fi hó dáadáa, tí ó sì tutù kí á tó pò ó mọ́ ẹ̀kọ, ẹ̀kọ náà yóò ṣomi kíákíá bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ọkọ àti aya tí wọ́n jọ jẹ́ AS

Tọkọtaya kan ní Òmù-Àrán jọ jẹ́ AS. Àkọ́bí wọn jẹ́ SS. Wọ́n fẹ́ bí ọmọ mẹ́ta sí i.

9. Nítorí pé àkọ́bí ti jẹ́ SS, àwọn ọmọ mẹ́ta tó ń bọ̀ yóò bọ́ lọ́wọ́ SS.

10. Bí ọmọ wọn kejì bá jẹ́ AS, òun náà lè fi jíìnì S ta ọmọ tirẹ̀ lọ́rẹ lọ́jọ́ iwájú.

Oko ẹ̀wà

Àgbẹ̀ kan ní Ẹ̀rìn-Ilé fa igi ẹ̀wà kan tu, ó rí kóńkó-kóńkó lára gbòǹgbò rẹ̀, ó sì bẹ̀rù pé àrùn ti wọ oko.

11. Bakitéríà ń gbé inú kóńkó wọ̀nyí, wọ́n sì ń sọ náítírójìn inú afẹ́fẹ́ di ohun tí ẹ̀wà lè lò.

Oògùn inú ilé

Ọmọ kan ní ọ̀fìnkìn. Wọ́n ra kápúsù apabakitéríà fún un, bí ara rẹ̀ sì ṣe yá díẹ̀ ó pa á tì.

12. Kápúsù yìí ló pa fáírọ́ọ̀sì tó fa ọ̀fìnkìn náà.

13. Nígbà tí a bá sọ pé oògùn apabakitéríà kan kò ṣiṣẹ́ mọ́, ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ara ẹni tó ń lò ó ti mọ́ oògùn náà.

---

Ìtọ́sọ́nà fún olùkọ́ tó ń máàkì

1 Òótọ́, 3 Òótọ́, 5 Òótọ́, 7 Òótọ́, 10 Òótọ́, 11 Òótọ́. Àwọn yòókù, irọ́ ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ìdí kí ẹ tó ka ìdáhùn, nítorí ibẹ̀ ni ẹ ó ti mọ ẹni tó ṣe é ní kàdàrà.

Èkejì ni mo fẹ́ràn jù. Ọ̀pọ̀ ọmọ gbà pé ewéko ń ṣe oúnjẹ lọ́sàn-án, ó ń mí lóru, bí ìgbà tí ẹ̀ṣọ́ méjì ń pààrọ̀ ara wọn. Sẹ́ẹ̀lì alààyè ń mí tọ̀sán-tòru. Mímí yìí gan-an ló jẹ sítáàṣì inú ewé tán nínú kọ́bọ́ọ̀dù, nítorí náà ẹni tó bá so èkejì pọ̀ mọ́ ẹ̀kẹta, ẹ fún un ní máàkì ìdí láìjiyàn. Ẹni tó kọ "irọ́" pẹ̀lú ìdí pé "nítorí omi wà nínú ìkòkò" gba máàkì kan ṣoṣo.

Ẹ̀kẹrin: kábọ́ọ̀nù inú afẹ́fẹ́ àti omi ló di èyí tó pọ̀ jù nínú ara àgbàdo. Ọmọ tó bá kọ pé "ajílẹ̀ ló ń bọ́ ọ" kò tíì mọ ohun tí fótósíńtẹ́sísì ń ṣe. Ẹ fi àmì sí orúkọ rẹ̀, kí á tún un ṣàlàyé fún un.

Ẹ̀kẹfà: sísè ti ba awọ tó yí sẹ́ẹ̀lì ká jẹ́, kò lè yan ohun tó ń gbà kọjá mọ́. Ìkẹjọ: iná ti ba ẹ́ńsáìmù náà jẹ́. Ẹni tó kọ "ẹ́ńsáìmù ti kú" mọ ohun tó ń sọ, ẹ má yọ máàkì, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sí etí ìwé pé ẹ́ńsáìmù kì í ṣe ohun ẹlẹ́mìí.

Ìkẹsàn-án: oyún kọ̀ọ̀kan ní ànfààní ọ̀kan nínú mẹ́rin láti jẹ́ SS, àkọ́bí kò yí ti èyí tó tẹ̀lé e padà. Ẹ wò ó bóyá ọmọ náà ya àpótí mẹ́rin jíìnì. Ẹni tó yà á tí ó sì kọ "òótọ́" sínú rẹ̀ rò pé ọmọ mẹ́rin ni àpótí náà ń kà. Ẹ má gbójú fò ó.

Ìkejìlá: oògùn apabakitéríà kò ràn fáírọ́ọ̀sì. Ìkẹtàlá: bakitéríà ló yí padà, kì í ṣe ara ènìyàn. Èyí tí oògùn kò ràn nínú wọn yè é, ó ń bí irú tirẹ̀, títí wọ́n fi pọ̀ ju àwọn tó kù lọ. Ìdáhùn tó bá dárúkọ bakitéríà tó yè, kódà bí kò bá dárúkọ jíìnì, máàkì kíkún ni.