Ìròyìn àlejò ìkànnì wa: ọ̀sẹ̀ 2 sí 8 oṣù Kẹfà 2025

Sí: Ẹ̀gbọ́n Olóòtú, àti gbogbo ẹ̀yin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ìkànnì
Ọjọ́rú, 11 oṣù Kẹfà 2025

Ẹ kú ọdún Iléyá o, ẹ kú ìyèdún. Ọjọ́ Ajé ló yẹ kí ìròyìn yìí wọlé, àmọ́ ìjọba fún wa ní ìsinmi lọ́jọ́ náà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, Google Analytics máa ń lo wákàtí 24 sí 48 kí iye tó wà níbẹ̀ tó fìdí múlẹ̀, mi ò sì fẹ́ fi iye ọjọ́ Àìkú ránṣẹ́ kó tó pé. Ọ̀sẹ̀ 26 oṣù Karùn-ún sí 1 oṣù Kẹfà ni mo fi wé e.

Àlejò 18,640 ló wá, ó fi ìdá 25 nínú 100 ju 14,910 ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ. Ìbẹ̀wò lọ láti 19,850 sí 24,380. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀wò tí ẹni tó wá fara balẹ̀ níbẹ̀ dín kù, láti ìdá 61 sí ìdá 54. (Ẹni tó bá lò ju ìṣẹ́jú àáyá 10 lọ, tàbí tó ṣí ojú-ewé méjì ó kéré tán, ni wọ́n ń kà sí ẹni tó fara balẹ̀.) Èrò pọ̀, wọn ò jókòó.

Iye ìgbà tí wọ́n ṣí ojú-ewé kọ̀ọ̀kan nìyí:

| Ojú-ewé | Ọ̀sẹ̀ tó kọjá | Ọ̀sẹ̀ yìí |
|---|---|---|
| /asa/ojude-oba | 1,136 | 9,412 |
| /ounje/asun | 873 | 2,204 |
| /itan/june-12 | 702 | 1,318 |
| /oruko/itumo-oruko | 4,655 | 1,987 |
| /ojo/omode | 2,390 | 211 |
| /ede/ami-ohun | 1,204 | 960 |

Ojúde Ọba

Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba máa ń wáyé ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọjọ́ Àìkú, 8 oṣù Kẹfà, ló sì bọ́ sí lọ́dún yìí. Nínú 9,412 yẹn, 5,120 jẹ́ ti ọjọ́ Àìkú nìkan. Ìdá 61 gba orí Gúgù wá. Ìdá 22 wà lábẹ́ `Direct`, mo sì gbà pé Wọ́sáàpù ni púpọ̀ nínú wọn ti wá, torí ẹni tó bá tẹ líǹkì lórí Wọ́sáàpù kì í sábà gbé orúkọ ibi tó ti ń bọ̀ dání.

Ohun tó dùn mí ni pé ìṣẹ́jú àáyá 38 péré ni wọ́n ń lò níbẹ̀. Mo ṣí ojú-ewé náà lórí fóònù bí àlejò ṣe máa ṣí i. Ohun àkọ́kọ́ tí mo rí, lókè pátápátá, ni déètì ọdún tó kọjá: 18 oṣù Kẹfà 2024. Bẹ́ẹ̀, `ojude oba 2025 date` ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń wá wa jù lọ nínú Search Console. Ẹni tó ń wá déètì ọdún yìí, tó bá ti ọdún èṣí pàdé, á kàn padà ni. Ìtàn Balógun Kúkù tí a fi ara ṣiṣẹ́ lé lórí, àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ pẹ̀lú aṣọ ẹgbẹ́ wọn, àwọn ìdílé Balógun lórí ẹṣin, gbogbo rẹ̀ wà nísàlẹ̀, wọn ò débẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká yọ déètì kúrò lókè, ká kọ ọ́ síbẹ̀ pé "ọjọ́ kẹta Iléyá". Ìyẹn kò ní gbó láé. Àwọn tí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ gbé wá náà pọ̀, a ò sì ní ojú-ewé tó dá dúró fún un. Kí á kọ ọ́ kí ariwo tó rọlẹ̀.

Àsun kò ní àlàyé púpọ̀: ẹran wà nílé gbogbo èèyàn. Ọjọ́ Jímọ̀ àti Sátidé ló gbà á kan, á sì wálẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ìtumọ̀ orúkọ: ibí ni kí ẹ ti bá mi dá sí i

Ojú-ewé yìí ló ń bọ́ ìkànnì wa. Ojoojúmọ́ ni àwọn òbí tó fẹ́ sọ ọmọ lórúkọ ń wá síbẹ̀, tí wọ́n sì ń lo ìṣẹ́jú 2 àti àáyá 47. Ó sọ ju ìdajì àlejò rẹ̀ nù láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

N kò tètè rí i. Nígbà tí mo fi àdírẹ́ẹ̀sì to `Pages and screens`, iye rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà. Ìgbà tí mo yí i sí `Page title` ni ìlà kan yọ jáde tí kì í ju 64 lọ́sẹ̀ kan: "A kò rí ojú-ewé yìí", 2,071. Àwọn èèyàn ṣì ń kan ilẹ̀kùn àtijọ́, ògiri ni wọ́n ń bá. Iye tó wà nínú tábìlì lókè yẹn ni ti àwọn tó rí ojú-ewé orúkọ gan-an.

Lọ́sàn-án Ọjọ́rú, 4 oṣù Kẹfà, a yí àdírẹ́ẹ̀sì náà padà sí `/oruko/itumo-oruko-yoruba`, kó lè tètè yé ẹni tó bá rí i. Èrò náà dára, n kò sì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ohun tí a gbàgbé ni láti júwe ọ̀nà fún àwọn tó mọ ilé àtijọ́. Gúgù ṣì ń rán èèyàn síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn líǹkì tí àwọn ẹlòmíràn ti fi pamọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Mo ti fi èyí sínú `.htaccess` láàárọ̀ yìí:

```
Redirect 301 /oruko/itumo-oruko /oruko/itumo-oruko-yoruba
```

Mo dán an wò lórí fóònù mẹ́ta, ó gbé mi débẹ̀. Kò dá mi lójú pé gbogbo àlejò náà á padà kíákíá, torí Gúgù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá wo àdírẹ́ẹ̀sì tuntun náà. Màá máa wò ó lójoojúmọ́. Láti òní lọ, ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má yí àdírẹ́ẹ̀sì padà láìkọ́kọ́ sọ fún mi. Bí òru bá tiẹ̀ ni, ẹ pè mí.

Àwọn méjì tó kù tó wálẹ̀

Ọjọ́ Àwọn Ọmọdé, 27 oṣù Karùn-ún, ti kọjá, ìdí tí `/ojo/omode` fi já nìyẹn. Kò sí àbùkù níbẹ̀. Àmì ohùn wálẹ̀ láti ọjọ́ Jímọ̀ torí iléèwé wà ní ìsinmi. Àwọn olùkọ́ ló ń lò ó jù, wọ́n á padà.

Ọ̀la

Ọ̀la ni June 12. Láti ọdún 2019 ni wọ́n ti ń ṣe é ní Ọjọ́ Ìjọba Tiwantiwa, àwọn èèyàn sì ti ń wá ìtàn ìdìbò 1993 àti ti MKO Abíọ́lá bọ̀ lọ́dọ̀ wa láti ọjọ́ Sátidé. Ojú-ewé náà wà nílẹ̀, kò sí lójúde. Ẹ̀gbọ́n, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kó gorí ojú-ewé àkọ́kọ́ kó tó di agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ òní. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo sì ti wo àwọn déètì inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n pé.