Ẹ̀yin elélùbọ́ Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ káàárọ̀ o

*Ajé, aago 6:30*
Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin àbúrò. Ẹ kú ọyẹ́. Ṣé dáadáa la jí? Ní Takie níbí, ọyẹ́ ò jẹ́ ká rí òpó iná kejì.
Ìbéèrè tòní ò ní jẹ dátà yín: iṣu mélòó lẹ bọ̀ lálẹ́ àná? Ẹ kọ iye rẹ̀ nìkan. Èmi bọ̀ 40. Ẹni tí kò bọ̀ rárá, kó kọ 0, ìdáhùn ni 0 náà. Ẹni tí kò lè tẹ fóònù, kó fi ohùn ránṣẹ́.

*Ìṣẹ́gun*
Ẹ káàárọ̀, ẹ kú iṣẹ́ àná. Ènìyàn 17 ló dáhùn, iṣu wa lápapọ̀ sì jẹ́ 640. Ẹ ṣeun gan-an.
Alhaja Sábó ní èlùbọ́ òun kì í fà tó bá dé inú omi gbígbóná. Ẹ jẹ́ ká jọ wá ibi tó ti bàjẹ́. Omi tẹ́ ẹ fi bọ iṣu ńkọ́? Ẹ kọ 1 tó bá hó, 2 tó bá gbóná tí ọwọ́ ò lè dúró nínú rẹ̀ àmọ́ tí kò hó, 3 tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ lásán. Èmi, 2. Tí omi bá hó, iṣu ti jinná nìyẹn, èlùbọ́ rẹ̀ kò sì ní fà mọ́ bó ti yẹ. Alhaja, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dáhùn, ẹ jọ̀ọ́ mà.

*Ọjọ́rú*
Ẹ káàárọ̀, ẹ kú òòrùn tó ń bọ̀. Ẹ mú ègé iṣu kan lórí tápólì, kẹ́ ẹ ṣẹ́ ẹ. Ṣé ó dún káú, àbí ó tẹ̀? Ẹ kọ "ó ṣẹ́" tàbí "ó tẹ̀". Èyí tó bá tẹ̀, ẹ má gbé e lọ sílé ìlọ̀ o: á lẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ, á sì bu nínú àpò.

*Ọjọ́bọ̀*
Ẹ káàárọ̀! Ọmọ Ìyá Aràdà bí ọkùnrin lóru. Ẹ kú ọwọ́ lómi o, Ìyá. Kò sí ìbéèrè lónìí, àdúrà ìlà kan péré lẹ́nìkọ̀ọ̀kan. Èmi bẹ̀rẹ̀: Olúwa á dá a sí.
(Ẹ jọ̀ọ́, àdúrà gígùn tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín láti ibòmíràn, kó dúró di ọ̀sán. Láàárọ̀, orí ìdáhùn àwọn ẹlòmíràn ló ń jókòó lé.)

*Ẹtì*
Ẹ káàárọ̀, ẹ kú Jímọ́ o. Ẹ̀gbọ́n wa tó dákẹ́ láti Ajé, a ti pè wọ́n lórí fóònù. Ara wọn ò yá díẹ̀ ni. Ẹ má dárúkọ wọn níbí.
Ọjà wo lẹ ń ná lónìí, Aràdà ni àbí Jagun? Èló ni kóńgò kan níbẹ̀? Ẹ kọ orúkọ ọjà, kẹ́ ẹ kọ iye tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ọjà ni kó ṣáájú.